Owó Oṣù Ẹnjíò: Ẹ Má Kà Á Lóṣooṣù, Ẹ Kà Á Lọ́dún Mẹ́wàá

Tí ènìyàn bá sọ pé èdè Yorùbá ni òun ń kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e kò ṣòro láti mọ̀: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Àwọn kan nínú wa a ní iṣẹ́ olùkọ́, àwọn kan a ní rédíò. Ṣùgbọ́n láàárín àwa tí à ń gbé ní Fẹ́sítáàkì àti agbègbè Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ìdáhùn tó ń wọ́pọ̀ báyìí ni "ẹnjíò". Àjọ aláàánú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, tó ń fún aláìsàn ní ìmọ̀ràn, tó ń ṣèbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírikírì, tó ń kọ́ ọmọ létí omi níwèé. A ń rí pátákó wọn lára géètì ilé nínú àwọn kílóòsì wa. A ń rí ọkọ̀ wọn tó funfun báláú. A sì ń gbọ́ iye tí wọ́n ń san fún ẹ̀gbọ́n Lágbájá lóṣù.

Ọ̀rọ̀ iye yẹn ni a fẹ́ bá ara wa sọ. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà tí a fi ń ka owó iṣẹ́ yìí kò tọ̀nà. Owó oṣù kan là ń wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ yìí kì í sanwó fún ènìyàn bí ìjọba tàbí ilé ìfowópamọ́ ṣe ń san án. Iṣẹ́ àkànṣe ló ni owó náà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ àkànṣe bá parí ni owó oṣù parí, bí ènìyàn tilẹ̀ mọṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé yìí.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè

Ẹ mú iṣẹ́ tó sún mọ́ wa jù, iṣẹ́ àbójútó àwọn ọmọ tí kòkòrò apa-sójà-ara ti kan ìdílé wọn. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, owó Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún ọdún púpọ̀, láti inú ètò Pẹ́pìfà tí Ààrẹ Jọ́ọ̀jì Búùṣì dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Àjọ ńlá kan ni ó máa ń gba owó náà, yóò wá pín nínú rẹ̀ fún àwọn àjọ kéékèèké tó mọ àdúgbò. Àjọ kékeré yẹn ni yóò wá àwọn aṣèbẹ̀wò, àwọn tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn délé onílé.

Aṣèbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ìdílé tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Tó bá wọlé, ó ní láti mọ̀ bóyá ìyá ti lọ gba oògùn oṣù yìí, bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, bóyá ọmọ ń lọ sílé ìwé, bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, yóò fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀. Tí apá kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni téèpù yóò fi hàn: ebi ti wọ ọmọ náà lára, ilé ìwòsàn ló kàn. Lẹ́yìn èyí ni fọ́ọ̀mù, ọ̀kan fún ìbẹ̀wò, ọ̀kan fún ìtọ́kasí ilé ìwòsàn, ọ̀kan fún owó ọkọ̀.

Owó ọkọ̀ yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Láti Fẹ́sítáàkì dé Máìlì Tú rọrùn. Àmọ́ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Ìrèdé wà níbẹ̀, Ságbókojì wà níbẹ̀, erékùṣù ni wọ́n, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Aṣèbẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ fi owó àpò ara rẹ̀ wọkọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò mú rìsíìtì wá kí wọ́n tó dá a padà. Ta ló ti rí atukọ̀ tó ń já rìsíìtì? Fọ́ọ̀mù mìíràn tún ni yẹn, tí atukọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí tàbí kó tẹ̀ka sí. Tí akọ̀wé owó kò bá gba fọ́ọ̀mù náà, owó ti lọ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ni ti ẹnu tí aṣèbẹ̀wò yóò fi sọ̀rọ̀. Orúkọ tí rédíò àti ìwé ìròyìn fi mọ àìsàn yìí láti ìgbà pípẹ́ ni "àrùn kògbóògùn". Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òótọ́ ni. Lónìí, oògùn tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ lè rẹ kòkòrò náà sílẹ̀ débi tí àyẹ̀wò kò ní rí i mọ́, tí ẹni náà kò sì ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Kò tíì pa kòkòrò náà tán lára, ṣùgbọ́n ó ń dá ẹ̀mí sí. Bí a bá wá wọlé tọ ìyá kan tí a sọ fún un pé àrùn kògbóògùn ló ń ṣe é, kí ni yóò tún máa lo oògùn fún? Ẹni tó mọ èdè ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́, tí yóò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì: tí ìtumọ̀ bá le ju ìwé òfin lọ, ènìyàn yóò kàn fọwọ́ sí i láìmọ ohun tó gbà.

Ìmọ̀ yìí ṣe kókó, síbẹ̀ ẹ wá a nínú ìwé ìnáwó iṣẹ́ àkànṣe, ẹ ó rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀. "Aṣèbẹ̀wò olùyọ̀ǹda-ara-ẹni" ni wọ́n máa ń pe ẹni tó ń ṣe é, "owó ọkọ̀ àti ọ̀pá àtìlẹ́yìn" sì ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń fún un. Orúkọ yẹn kì í ṣe àwàdà. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti pè é ní owó oṣù, kò sẹ́ni tí yóò fi wé 85,000 náírà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní ọdún 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì lórí rẹ̀, kò sí ìsinmi lórí rẹ̀. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ lára igi yìí nìyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí owó oṣù ti ń wá

Ẹni tó bá gòkè láti ibẹ̀ yóò di òṣìṣẹ́ àjọ gan-an, ó lè di òṣìṣẹ́ ètò, kó di alábòójútó àkọsílẹ̀, kó di alákòóso iṣẹ́ àkànṣe. Níbí ni owó ti ń dára, ibí náà ni ó yẹ kí a ti yé wo owó, kí a wo ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àjọ kan bá ń kọ̀wé béèrè owó, ó ní láti kọ orúkọ ipò kọ̀ọ̀kan àti iye àkókò tí ẹni náà yóò fi ṣe iṣẹ́ àkànṣe yẹn. Alákòóso lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún; akọ̀wé owó lè jẹ́ ogójì péré nínú ọgọ́rùn-ún, kí iṣẹ́ mìíràn san ìyókù. Lóṣooṣù ni wọn yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé wákàtí iṣẹ́, tí ọ̀gá yóò fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kì í ṣe àjọ ló ń san owó yín. Ìlà kan nínú ìwé ìnáwó ni, ìlà náà sì ní ọjọ́ tí yóò kú.

Àwọn ohun tí kò ní iṣẹ́ àkànṣe tirẹ̀ ńkọ́? Owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀, olùṣirò-owó tó ń wá yẹ ìwé wò lọ́dún, ọ̀gá tó ń wá iṣẹ́ tuntun. Owó àpapọ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní òfin ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, àjọ tí kò bá ní àdéhùn tirẹ̀ lè gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó iṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Tí owó iṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù 40 náírà lọ́dún, ìdá mẹ́wàá jẹ́ mílíọ̀nù 4. Ẹ yọ owó ilé ní Fẹ́sítáàkì, ẹ yọ epo, ẹ yọ olùṣirò-owó. Kí ló kù tí wọn yóò fi gbé òṣìṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́fà tí iṣẹ́ kan ti parí tí òmíràn kò tíì dé? Ọ̀gá tó bá lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí lè má jẹ́ ìkà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpò rẹ̀ ti gbẹ.

Bí ó ti máa ń lọ nìyẹn: iṣẹ́ kan yóò parí, òmíràn tó jọ ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ àná yóò tún kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe. Àwọn tó gba iṣẹ́ padà yóò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ìwé àdéhùn tuntun. Ọdún márùn-ún tó ti lọ kì í sábà bá wọn wọlé.

Ìṣirò ọdún mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí a mú ènìyàn méjì, àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Ọ̀kan wọṣẹ́ ẹnjíò, wọ́n ń san 300,000 náírà fún un lóṣù. Èkejì wà níbi iṣẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró, 230,000 ni tirẹ̀. Ní ìpàdé ọmọ kíláàsì, ẹ mọ ẹni tí wọn yóò pè ní "ọ̀gá".

Ọdún mẹ́wàá jẹ́ oṣù 120. Ọ̀rẹ́ wa ti ẹnjíò ṣe iṣẹ́ àkànṣe mẹ́ta: oṣù 36, oṣù 30, oṣù 24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 90. Ọgbọ̀n oṣù tó kù ló fi ń dúró, tó fi ń kọ̀wé, tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan fún ẹni tó bá pè é. Ìlọ́po 90 pẹ̀lú 300,000 jẹ́ mílíọ̀nù 27 náírà. Ti èkejì, ìlọ́po 120 pẹ̀lú 230,000, jẹ́ mílíọ̀nù 27.6. Ẹni tí a ń pè ní ọ̀gá ni kò tó.

A kò tíì dé orí owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó de pátápátá. Ẹ ka iye òṣìṣẹ́ inú àjọ kékeré kan nínú kílóòsì yín, ẹ ó rí ìdí tí owó náà kò fi sí. Ọ̀nà kejì tí ó tún fi ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ ni kí wọ́n pè yín ní "olùdámọ̀ràn" nínú ìwé àdéhùn, nítorí olùdámọ̀ràn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Fún ẹni tó ń gba 230,000 láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n bá ka gbogbo owó náà mọ́ ọn, ìdá 18 jẹ́ 41,400 lóṣù, ó sì ń lọ sí mílíọ̀nù 5 ní ọdún mẹ́wàá, láìka èrè rẹ̀. Ti olùdámọ̀ràn jẹ́ òdo.

A kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ ẹnjíò rí báyìí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í já, tí owó wọn ń gòkè lọ́dọọdún, pàápàá ní àwọn àjọ àgbáyé tó ní ọ́fíìsì ní Àbújá. Ohun tí à ń sọ ni pé owó oṣù nìkan kò lè sọ fún yín èwo ni tiyín yóò jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi oṣù tí kò sí iṣẹ́ sínú ìṣirò náà.

Oṣù Kìíní ọdún 2025

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń dẹ́rù bani, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní ọdún 2025, lọ́jọ́ tí Dónáàdì Tíróǹpù gorí àléfà lẹ́ẹ̀kejì, ó fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń ṣe fún ilẹ̀ òkèèrè dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìwé ti jáde pé kí àwọn tó ń fi owó náà ṣiṣẹ́ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yọ̀ǹda kí iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là máa lọ. Ní oṣù Kẹta, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn kéde pé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ètò Yúséèdì, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, ti di fífagilé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, àjọ náà kógbá sílé.

Níhìn-ín, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún ìnáwó ìlera ọdún 2025 láti dí àlàfo náà. Ìyẹn dára fún oògùn. Ṣùgbọ́n oògùn kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìrèdé. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń kan ìlẹ̀kùn, tó mọ ilé tí ìyá kan fi oògùn pamọ́ sí kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i, òun kì í ṣe oògùn. Nígbà tí ìlà tirẹ̀ kú nínú ìwé ìnáwó, kò sí ìwé ìfẹ̀yìntì, kò sí owó ìdágbére, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pè é ní olùyọ̀ǹda-ara-ẹni.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọdún tí a kọ sínú ìwé àdéhùn kì í ṣe ìlérí. Ọdún márùn-ún lè di ọjọ́ márùn-ún tí ẹni tó ni owó bá yí ọkàn padà, ẹni náà sì lè má mọ̀ pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Fẹ́sítáàkì.

Owó tó pọ̀ àti ohun tó so mọ́ ọn

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ kúrò ní Èkó nígbà náà, ẹ lọ síbi tí owó wà." Òótọ́ ni pé láti ìgbà tí ogun Bókò Háráàmù ti le, Máídúgùrí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àjọ àgbáyé lọ, owó ibẹ̀ sì máa ń ju ti ìhín lọ. Ṣùgbọ́n owó yẹn ní ìdí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, wọ́n jí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé ní ìlú Ráànù ní Bọ̀rnó. Sàìfúrà Kọ́sà àti Hàwáwù Límán, agbẹ̀bí méjì tó ń bá àjọ Alágbèélébùú Pupa ṣiṣẹ́, ni àwọn ajínigbé pa, ọ̀kan ní oṣù Kẹsàn-án, èkejì ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá rí owó tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojúkòkòrò

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé iṣẹ́ àánú ni, kí ni a ń béèrè owó fún? A bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin pàápàá kò bá wọn sọ ọ́. Òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ ti ọdún 2020 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín owó irú àjọ bẹ́ẹ̀ bí èrè. Òfin kan náà gbà kí wọ́n san owó tó bójú mu fún òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ fún un. Èrè ni a kà léèwọ̀, a kò ka owó iṣẹ́ léèwọ̀. Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Ẹni tí ebi ń pa kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́, ìyá tó sì ti sọ àṣírí rẹ̀ fún un yóò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjèjì mìíràn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kó béèrè ohun mẹ́rin. Ọjọ́ wo ni owó iṣẹ́ àkànṣe yìí yóò parí, oṣù mélòó ló sì kù níbẹ̀ lónìí? Òṣìṣẹ́ ni ìwé yìí pè mí tàbí olùdámọ̀ràn? Ṣé owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé síbi kan lórúkọ mi? Tí ẹni tó ni owó bá dá a dúró láìpé ọjọ́, oṣù mélòó ni ẹ ó san fún mi kí n tó lọ? Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí ti dáhùn wọn ná.

Sí àwọn tó ń kọ ìwé ìnáwó, ìbéèrè kan ni a ní. Ẹ ń kọ owó àsè ìpàdé síbẹ̀, ẹ ń kọ owó òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Ẹ kọ owó oṣù aṣèbẹ̀wò síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ pè é ní owó oṣù. Tí ẹni tó ni owó bá kọ̀, ẹ dín iye ìdílé tí ẹ ṣèlérí kù. Ogún ìdílé tí ẹni tí a sanwó fún ń bẹ̀wò sí yóò sàn ju ọgọ́ta tí a kàn kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù.

Àwọn kan nínú wa yóò ṣì wọ iṣẹ́ yìí, a kò ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Ohun tí wọn yóò rí kó níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ẹni tó ti kọ ìwé ìnáwó, tó ti kọ ìròyìn iṣẹ́, tó ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìlera sí Yorùbá tí ìyá Ságbókojì gbọ́ yé, níṣẹ́ lọ́wọ́ tí yóò bá a dé ibikíbi. Ṣùgbọ́n kó máa fi owó pamọ́ láti oṣù àkọ́kọ́, bí apẹja tó mọ̀ pé ìgbà tí ẹja pọ̀ ni à ń yan án gbẹ.